Lẹ́tà sí bàbá mi tó ti kú: ìyìn nìkan ló ń jáde, ọ̀rọ̀ gan-an kọ̀, kò jáde

AláròÌtòkú
Ẹ kú ilé o. Bàbá mi kú lọ́dún tó kọjá. Télọ̀ ni wọ́n, Ṣápọ́n ní Abẹ́òkúta ni ṣọ́ọ̀bù wọn wà. Ọ̀rọ̀ kan wà láàárín àwa méjèèjì tí a ò sọ títí wọ́n fi lọ. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n kọ lẹ́tà sí wọn, kí n má fi ránṣẹ́ síbì kankan. Mo ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí mò ń kọ ló ń dà bí ìwé ìsìnkú. Báwo ni wọ́n ṣe ń kọ irú lẹ́tà yìí tí ọ̀rọ̀ inú á fi jáde? Bí mo bá sì kọ ọ́ tán, kí ni kí n fi ṣe?

ỌmọLáfẹ́ńwá
Ẹ kú ìrọ́jú, Ọlọ́run á tẹ́ bàbá sáfẹ́fẹ́ rere. Lẹ́tà yẹn ò le rárá, ẹ má jẹ́ kó kó yín láyà sókè. Ọ́fíìsì tó ń rí sọ́rọ̀ ogún ní kóòtù gíga ni ẹ ó lọ. Ẹ mú ìwé ẹ̀rí ikú dání, ẹ kọ orúkọ gbogbo ọmọ àti ìyàwó sílẹ̀, ẹ wá onídùúró. Láìsí lẹ́tà yẹn, báǹkì ò ní jẹ́ kí ẹ fọwọ́ kan kọ́bọ̀, kódà bó jẹ́ orúkọ yín ni bàbá kọ síbẹ̀ pé kí wọ́n pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Àwọn èèyàn rò pé ẹni tí orúkọ ẹ̀ wà níbẹ̀ ló ni owó, kò rí bẹ́ẹ̀. Tiwa pẹ́ nítorí ẹ̀gbọ́n wa kan tó kọ̀ tí kò fọwọ́ sí i. Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀.

Dọ̀tun_Pánṣẹ́kẹ́
ỌmọLáfẹ́ńwá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kà á tán kí ẹ tó fèsì. Kì í ṣe lẹ́tà kóòtù ni àǹtí ń wí.

Àǹtí, mo mọ nǹkan tí ẹ ń sọ. Òyìnbó kan tó ń jẹ́ Pennebaker ló gbé e jáde ní 1986. Ọjọ́ mẹ́rin ni, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójúmọ́. Tó bá di ọjọ́ karùn-ún, ẹ dáná sun ún, ẹ da eérú ẹ̀ sódò Ògùn, ìbànújẹ́ á bá omi lọ. Wọ́n ti ṣèwádìí ẹ̀, gbogbo èèyàn ló ń ṣiṣẹ́ fún.

Ìyá Adátán
Ọmọ mi, ẹ kú àṣẹ̀yìndè bàbá. Àwa kì í kọ lẹ́tà sókùú. Ojú oórì la ti ń sọ tiwa. Wọ́n á ní kí ọmọ wá dágbére, ọmọ á ní: “Bàbá, ó dìgbà o, ó di gbéré, ó di àrìnnàkò, ó dojú àlá. Ẹ má jọ̀kùn, ẹ má jekòló, ohun tí wọ́n bá ń jẹ lájùlé ọ̀run ni kí ẹ bá wọn jẹ.” Àwọn obìnrin ilé á wá dá ìgbálá sílẹ̀. Mo rántí ìyá kan nílé wa nígbà tí mo wà lọ́mọdé, inú ìgbálá ló ti bi ọkọ ẹ̀ léèrè ilẹ̀ tó tà láìsọ fún un. Gbogbo ilé gbọ́. Kò sẹ́ni tó ní kó dákẹ́, torí orin ni.

Láyé tiyín, alága ìjókòó ló ń gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ẹni tí kò bá bàbá yín jẹun rí ló ń ka ìtàn bàbá yín fún yín. Kí ló fẹ́ ṣe tí kò ní há sí yín lọ́fun? Bó bá jẹ́ inú ọgbà ni wọ́n sin wọ́n sí, lọ bá wọn láàárọ̀ kùtù, kó o fẹnu sọ ọ́. Bébà ò létí.

Bàbá Nọ́ọ̀sì
Ẹ kú àṣẹ̀yìndè, ọmọ mi. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àwọn aláìsàn ọpọlọ ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo ti jókòó ti ọ̀pọ̀ èèyàn tí ọ̀rọ̀ òkú há mọ́ lọ́rùn.

Dọ̀tun, ìdajì ohun tó o sọ ló tọ̀nà. Pennebaker àti Beall ni wọ́n jọ ṣe é, àwọn ọmọ yunifásítì ni wọ́n sì fi ṣe é, ọjọ́ mẹ́rin léra wọn, bó o ṣe wí. Iná ò sí níbẹ̀, odò ò sí níbẹ̀. Ohun tó o fò ni pé inú àwọn tó kọ nípa ohun tó dùn wọ́n bàjẹ́ sí i ni bí wọ́n ṣe ń dìde nídìí ìwé. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan ni ire ẹ̀ tó hàn, tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ilé ìwòsàn mọ́. Nígbà tí àwọn mìíràn wá dán an wò lára àwọn tí èèyàn wọn kú, wọn ò rí i pé ó yá wọn ju àwọn tí kò kọ nǹkan kan lọ. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ẹ̀ ń lọ bó ṣe yẹ kó lọ, tó ń sunkún, tó ń rẹ́rìn-ín, tó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀, kò nílò lẹ́tà. Ẹni tí nǹkan pàtó kan há láàárín òun àti òkú ni mo ti rí i tó wúlò fún.

Ìyá Adátán, mo gbọ́ ohun tí ẹ sọ nípa ẹnu, a ó padà síbẹ̀. Ọmọ mi, bí kò bá nira, kọ èyí tó o ti kọ síbí ká rí i.

AláròÌtòkú
Ó ṣe kúkúrú, bàbá. Òun nìyí:

*Bàbá mi ọ̀wọ́n, ó tọ́jọ́ mẹ́ta kan. Mo mọ̀ pé ibi ire ni ẹ wà. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ nípa tèmi, dídùn lọsàn ń so. Baba rere ni yín. Ẹ tọ́ wa, ẹ kọ́ wa níwà ọmọlúàbí, ẹ ò febi pa wá. Gbogbo Ṣápọ́n ló mọ̀ pé ẹ kì í fi aṣọ oníbàárà jáfara. Ní ti ọ̀rọ̀ owó yẹn, mo ti gbàgbé, kò sí nínú mi mọ́. Ẹ sùn re o, títí a ó fi pàdé lẹ́sẹ̀ Olúwa. Èmi ni ọmọ yín.*

Dọ̀tun_Pánṣẹ́kẹ́
Ó dáa gan-an, àǹtí. Omi bọ́ lójú mi. Ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́.

Bàbá Nọ́ọ̀sì
Owó wo?

AláròÌtòkú
Ha. Ẹ rí i.

Mo wọlé pólì. Owó tí a máa san kí wọ́n má gba ààyè náà lọ́wọ́ mi ti pé lọ́wọ́ bàbá. Màmá mi dá nínú ẹ̀, èmi náà dá nínú ẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tó yẹ ká lọ san án, bàbá ti kó o fún ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó fẹ́ gba ọ̀nà Líbíà lọ sí Ítálì. Wọ́n ní obìnrin á sáà rílé ọkọ lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ò kọjá Ágádésì ní orílẹ̀-èdè Nìjẹ̀ kó tó padà wálé. Èmi lọ kọ́ṣẹ́ aró lọ́dọ̀ àbúrò màmá mi ní Ìtòkú, ibẹ̀ ni mo ṣì wà. Nígbà tó yá, èmi ni mo pààrọ̀ páànù orí ilé bàbá. Láti ọjọ́ yẹn, a ò jọ sọ̀rọ̀ owó náà rí.

Ṣùgbọ́n ṣé ó yẹ kí n máa bá òkú ṣẹjọ́?

Ìyá Adátán
Kò yẹ. Òkú ò lè wíjọ́ tara ẹ̀. Ẹyin lohùn, bó bá ti balẹ̀ ó ti fọ́ nìyẹn. Ìdágbére ni mo ní kó o lọ ṣe, mi ò ní kó o lọ bèèrè owó.

AlfaKékeré
Ní tiwa, wọ́n kọ̀ fún wa láti máa bú òkú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ pé ohun báyìí dun òun, ṣé èébú nìyẹn? Bí baba bá kú, lẹ́yìn ìnáwó ìsìnkú, gbèsè tó jẹ ni a kọ́kọ́ ń san kí a tó pín ogún. Ẹ̀tọ́ ẹni kì í bá òkú wọ ilẹ̀ lọ. Arábìnrin yìí lè yọ̀ǹda tiẹ̀ fún bàbá ẹ̀ bó bá wù ú, ó sì lóore púpọ̀. Ṣùgbọ́n ó ní láti mọ iye tó ń yọ̀ǹda. Àdúrà àti sàárà ni mo mọ̀ pé ó ń dé ọ̀dọ̀ bàbá. Lẹ́tà, ọ̀dọ̀ ẹni tó kọ ọ́ náà ló ń dúró sí, mi ò rí aburú níbẹ̀.

Bàbá Nọ́ọ̀sì
Alfa ti bá mi sọ ọ́. Ọmọ mi, padà lọ ka gbólóhùn tó o kọ. “Mo ti gbàgbé, kò sí nínú mi mọ́.” Ẹni tó bá gbàgbé nǹkan kì í kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé òun gbàgbé ẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni lẹ́tà ẹ wà.

Bí mo ṣe máa ń ní kí wọ́n ṣe é nìyí. Má ṣe bẹ̀rẹ̀ látorí irú ẹni tí bàbá jẹ́. Bó o bá bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀, ìwé ìsìnkú ni wàá kọ, torí ibẹ̀ náà ni ìwé ìsìnkú ti ń bẹ̀rẹ̀. Gbé ọjọ́ kan ṣoṣo. Ọjọ́ tí wọ́n sọ̀rọ̀ owó yẹn fún ẹ. Ibo lo dúró sí, kí lo wọ̀, kí ni bàbá ń fọwọ́ ṣe, ọ̀rọ̀ wo ló jáde lẹ́nu wọn àti èyí tó jáde lẹ́nu tìẹ. Kọ ohun tójú rí, fi “baba rere” àti “baba búburú” sílẹ̀. “Ó tọ́jọ́ mẹ́ta” àti “dídùn lọsàn ń so” náà, yọ wọ́n. Wọ́n dára nínú lẹ́tà sí ẹni tó wà láyé. Níbí, ẹ̀yìn wọn lo sá sí.

Lẹ́yìn ohun tó ṣẹlẹ̀, kọ ohun tó fà fún ẹ. Lẹ́yìn ìyẹn, kọ ohun tó o fẹ́ kí wọ́n sọ tí wọn ò sọ. Bí ọpẹ́ bá wà, dúpẹ́, ṣùgbọ́n dá orúkọ ohun tó ò ń dúpẹ́ lé lórí, má dúpẹ́ lápapọ̀. Ìdáríjì, fi í sílẹ̀ ná. Bí ó bá wà, á wá fúnra ẹ̀. Bó o bá fi tipátipá kọ ọ́, ibẹ̀ ni ọwọ́ á ti dúró.

Bírò àti bébà ni kó o lò, kì í ṣe fóònù, torí pé lórí fóònù, a máa ń pa á rẹ́ kó tó jáde tán. Ojúmọmọ ni kó o kọ ọ́, má kọ ọ́ lóru. Má jẹ́ kó ju ààbọ̀ wákàtí lọ, kí ẹnìkan sì wà nínú ilé, kí iṣẹ́ kan sì wà nílẹ̀ tó o máa bọ́ sí lẹ́yìn ẹ̀. Aró tó wà nínú ìkòkò dáa fún un.

Wàá mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́ bí nǹkan tó o ti gbàgbé pátápátá bá ṣàdédé jáde lójú ìwé.

Ọmọ_Ìtẹ̀síwájú
Bàbá Nọ́ọ̀sì, ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ àǹtí. Bàbá tèmi fi màmá mi sílẹ̀ nígbà tí mo ṣì wà lọ́mọ ọwọ́, Èkó ni wọ́n kú sí, fóònù ni mo fi gbọ́. Mo kọ irú lẹ́tà yìí, mo kọ ọ́ títí ìwé kan fi kún. Èébú ni. Ní gbogbo alẹ́ ni mo ń kọ ọ́, mi ò sì rí oorun sùn. Kí ló dé tí tèmi ò fi ṣiṣẹ́?

Bàbá Nọ́ọ̀sì
Ọmọ mi, ṣí ìwé yẹn, kó o ka ojú ewé àkọ́kọ́, kó o wá ka èyí tó gbẹ̀yìn. Ṣé ohun tuntun kan wà ní ìkẹyìn tí kò sí níbẹ̀rẹ̀?

Ọmọ_Ìtẹ̀síwájú
Kò sí, bàbá. “Ẹ ò wá” náà ni. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ náà ni mo ṣe parí.

Bàbá Nọ́ọ̀sì
Ìyẹn ni. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ń yípo lójú kan, kíkọ ọ́ ò ní tú u, ṣe ló ń tẹ̀ ẹ́ wọlé. Dá a dúró. Ìwọ ò tiẹ̀ ní ọjọ́ kan tí ẹ jọ lò tó o lè gbé kalẹ̀, ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní sọ fún ẹ pé kó o ṣe bíi ti AláròÌtòkú. Ẹni tó mọ bàbá ẹ ni kó o wá lọ, ẹ̀gbọ́n wọn, àbúrò wọn, kó o gbọ́ ìtàn ná. Bí oorun bá sì ń sá fún ẹ títí di ìsinsìnyí, bí oúnjẹ ò bá lọ lọ́fun, tàbí bí ọkàn ẹ bá ń sọ pé kó o kúkú bá òkú lọ, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní lẹ́tà. Lọ rí dókítà. Ìwé àjọ ìlera àgbáyé fúnra ẹ̀ ti ka ọ̀fọ̀ tó bá ju oṣù mẹ́fà lọ, tó ṣì ń dá èèyàn dúró bí ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀, mọ́ àìsàn tó ní ìtọ́jú, bó bá ti kọjá ohun tí àṣà àti ẹ̀sìn onítọ̀hún gbà. Kì í ṣe ìwà ọ̀lẹ.

Ọmọ_Ìtẹ̀síwájú
Mo gbọ́, bàbá. Àǹtí mi kan wà ní Ìbarà tó bá wọn dàgbà. Màá lọ.

AláròÌtòkú
Ó pẹ́ kí n tó lè jókòó tì í. Mo kọ ọ́ nígbà tí mo ń dúró de ẹ̀kọ àdìrẹ kó gbẹ lára aṣọ. Mo dà á kọ síbí bó ṣe wà, mo kàn yọ orúkọ.

*Bàbá,*

*Ọjọ́ Wẹ́sìdé ni. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, àgbàrá ṣì ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Mo ti wẹ̀. Mo wọ síkẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé tí ẹ rán fún mi, èyí tí ẹ fi síìpù pupa sí torí pé òun ló kù nínú àpótí. Fáìlì mi wà ní abíyá. Mo ní, “Bàbá, mo ti ṣe tán.”*

*Ẹ jókòó sídìí máṣíìnì. Ẹ ń fọwọ́ yí kẹ̀kẹ́ ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, abẹ́rẹ́ ń gòkè, ó ń sọ̀kalẹ̀. Mo wò ó, òwú ò sí lójú abẹ́rẹ́. Aṣọ ò sí lábẹ́ ẹ̀. Mi ò rántí ìyẹn mọ́ títí mo fi mú bírò lónìí.*

*Ẹ ní, “Mo ti fún ẹ̀gbọ́n ẹ.” Mo ní kí ni ẹ fún wọn. Ẹ ò dá mi lóhùn. Ẹ ní obìnrin á sáà rílé ọkọ lọ. Abẹ́rẹ́ lẹ ń wò. Mo ní, “Ẹ ṣeun, sà.” Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀! Mo wọlé, mo bọ́ síkẹ́ẹ̀tì, mo ká a.*

*Bàbá, owó tèmi wà nínú owó yẹn. Gbogbo họlidé ni mo fi ń rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ fún yín, tí mò ń ká etí ṣòkòtò, ẹ̀yin náà lẹ ń ní kí n máa fi ohun tí ẹ bá fún mi pamọ́ torí ìwé. Bí ẹ bá ní owó yín ni ẹ mú, ó yé mi. Tèmi ńkọ́? Ẹ ò tiẹ̀ bi mí.*

*Nígbà tí mo wà nídìí aró, tí ọwọ́ mi dúdú dé ìgúnpá, bí àwọn tí a jọ ṣèdánwò bá ti pólì dé, abẹ́ ìró ni mo máa ń kó ọwọ́ sí. Ẹ rí mi lọ́jọ́ kan. Ẹ yíjú.*

*Páànù tí mo fi bo ilé yín, gbogbo àdúgbò ló kí mi pé ọmọ rere ni mí. Inúure wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo tún fẹ́ kí ẹ máa sùn lábẹ́ ẹ̀, kí ẹ máa wòkè, kí ẹ mọ ẹni tó ṣe é. Mi ò sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni rí.*

*Aṣọ ẹlẹ́kọ àkọ́kọ́ tí mo dá ṣe, ẹ̀kọ fọ́ lára ẹ̀, aró wọ ibi tí kò yẹ kó wọ̀. Àǹtí ní kí n fi ṣe ìnùlẹ̀. Ẹ̀yin lẹ gbà á lọ́wọ́ mi, ẹ fi rán bùbá, ẹ wọ̀ ọ́ lọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìdúpẹ́ Ìkórè, ẹ jókòó síwájú. Ẹ ṣeun fún un. Ìgbà yẹn ló yẹ kí n sọ ọ́.*

*Ìgbà tí mo wá kí yín kẹ́yìn, ẹ ní ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹ fẹ́ bá mi sọ nípa ìgbà yẹn. Ẹ ò ní ìgbà wo, ṣùgbọ́n mo mọ̀. Oníbàárà kan wọlé, ó ní apá agbádá òun gùn jù. Ẹ mú tépù. Ẹ ní ó di ìgbà tí mo bá tún dé. Kí lẹ fẹ́ sọ? Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ tọrọ àforíjì, kí n mọ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹ tún fẹ́ sọ pé ẹ ò jẹ̀bi, ẹ jẹ́ kí n mọ ìyẹn náà, kí n lè bá yín jà.*

*Mi ò tíì dárí jì yín tán. Ọmọ yín ni mí.*

Dọ̀tun_Pánṣẹ́kẹ́
Àǹtí, mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Mo ní kí ẹ má fọwọ́ kan ti àkọ́kọ́.

Ìyá Adátán
Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò tíì sọ pé ó yẹ o. Ṣùgbọ́n ibi tí bàbá wọ bùbá yẹn lọ ṣọ́ọ̀ṣì, tó jókòó síwájú! Ọkùnrin Ẹ̀gbá nìyẹn. Kò ní sọ ọ́ lẹ́nu.

Ohun tí mo fẹ́ kó o ṣe ò yí padà. Lọ kà á fún wọn lójú oórì.

Bàbá Nọ́ọ̀sì
Òwú tí kò sí lójú abẹ́rẹ́, òun ni mò ń wí. Ìyẹn ò lè sí nínú ìwé ìsìnkú.

Nísinsìnyí mo fara mọ́ ohun tí Ìyá sọ nípa ẹnu. Lẹ́tà tí a kàn kọ sílẹ̀ tí a ká sápótí, ìdajì iṣẹ́ ni. Ka á sókè, kí ohùn ẹ gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n má dá lọ. Nígbà tí Dókítà Lambo bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú abúlé fún àwọn aláìsàn ọpọlọ ní Aro ní 1954, wọn kì í gba aláìsàn síbẹ̀ láìsí ará ilé ẹ̀ kan tó máa bá a gbé, tó máa se oúnjẹ fún un, tó máa bá a lọ gba ìtọ́jú. Kò sí ohun tí mo kọ́ nínú iṣẹ́ yìí tí mo dì mú jùyẹn lọ. Mú ẹnìkan tó lè dákẹ́ dání. Kó má gbà ẹ́ nímọ̀ràn, kó sáà jókòó.

Ohun kan kù tí mo máa ń ní kí wọ́n ṣe, tó bá wù ẹ́: kọ èsì bàbá. Ohùn wọn ni kó o lò, bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ ẹni tí kì í tọrọ àforíjì ni wọ́n, má fi àforíjì sí wọn lẹ́nu, torí wàá mọ̀ pé irọ́ ni.

Ìyá Adátán
Èyí ni mi ò gbà. Kó máa fi ohùn òkú sọ̀rọ̀? Aṣọ eégún nìkan ni wọ́n fi ń ṣe ìyẹn, ó sì ní àwọn tó ń ṣe é.

AlfaKékeré
Èmi náà dúró lẹ́yìn Ìyá níbẹ̀. Kíkọ tirẹ̀, ó dáa. Kíkọ ti bàbá, à ń parọ́ mọ́ wọn ni.

AláròÌtòkú
Mo ti gbìyànjú ẹ̀ kí n tó rí ọ̀rọ̀ ẹ̀yin méjèèjì, ẹ forí jì mí. Ó yà mí lẹ́nu. Ohun tí bírò kọ ni: “Ẹ̀gbọ́n ẹ ní òun á ṣe ara òun léṣe bí òun ò bá lọ. Ìwọ, mo mọ̀ pé o ò ní ṣe nǹkan kan.” Mi ò mọ ibi tó ti wá. Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí. Bàbá Nọ́ọ̀sì, ṣé òótọ́ ni?

Bàbá Nọ́ọ̀sì
Mi ò mọ̀, ìwọ náà ò mọ̀. Ibi tí Ìyá àti Alfa ti bá mi wí nìyẹn, ó sì tọ́ kí n gbà á. Ọkàn ẹ ló kọ ọ́. Ó lè jẹ́ ohun tó o gbọ́ lábẹ́lẹ̀ nígbà yẹn tó o ti gbàgbé, ó sì lè jẹ́ àwáwí tí ò ń bá bàbá wá. Má gbà á gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Ìwúlò ẹ̀ ni pé ó fi ìbéèrè tó o lè bi alààyè hàn ọ́. Ṣé màmá wà?

AláròÌtòkú
Wọ́n wà. Mo bi wọ́n lálẹ́ àná nígbà tí a ń ro láfún. Wọ́n ní ìjà wà ní àjìn òru ọjọ́ tó ṣáájú, pé àwọn ìyá ọkọ wọn ló wá là á. Mo ní ìjà kí ni. Wọ́n ní kí n ro ọkà kó má kókó.

Dọ̀tun_Pánṣẹ́kẹ́
Ó ti yé mi. Ẹ̀gbọ́n ni kí ẹ fún ní lẹ́tà yìí. Òun ló mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ìyá Adátán
Kó má dán an wò. Orúkọ bàbá wà nínú ẹ̀, ọ̀rọ̀ páànù wà nínú ẹ̀. Ọkùnrin tó lọ Ágádésì tó padà, tí àbúrò ẹ̀ obìnrin wá kan páànù nílé bàbá ẹ̀, o fẹ́ kó ka ìyẹn? Ẹnu ni kó fi bi í, kó bi í lóhun kan ṣoṣo.

Bàbá Nọ́ọ̀sì
Bí lẹ́tà bá ti ní ẹni tó máa kà á, kì í ṣe irú lẹ́tà tí a jọ ń sọ mọ́, wàá sì tún un kọ láìmọ̀ kó lè wọ̀ ọ́ létí. Fún ìyẹn, mo wà lẹ́yìn Ìyá. Ṣùgbọ́n bó o bá fẹ́ bá ẹ̀gbọ́n ẹ sọ̀rọ̀, mi ò ní ní kó o má ṣe bẹ́ẹ̀.

AláròÌtòkú
Mi ò tíì mọ̀. Ó ń bọ̀ wálé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ó ní òun fẹ́ kó máṣíìnì bàbá méjèèjì.

ỌmọLáfẹ́ńwá
Ṣé ẹ rí i! Ohun tí mo ti ń sọ látàárọ̀ nìyẹn. Kó tó gbé wọn, ẹ jẹ́ kí gbogbo ọmọ àti màmá jókòó, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ohun tí bàbá fi sílẹ̀ àti ẹni tó ń mú èwo, kí gbogbo yín fọwọ́ sí i. Bí wọn ò bá lówó ní báǹkì tí wọn ò sì nílẹ̀, ẹ lè má nílò kóòtù.

AláròÌtòkú
Ilé, máṣíìnì méjì, àti gbèsè òwú ní Kútọ̀ tí mo ti san. Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Èwo ni mo ní láti kọ́kọ́ kọ, orúkọ ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ ni, àbí orúkọ àwọn ọmọ?